Èèkàn Tí Kò Wọlẹ̀: Kì í Ṣe Ọjọ́ Tí Wọ́n Tú Náírà Sílẹ̀ Ni Náírà Ṣubú

Ní Fọlá Àgòrò, níbi tí Ṣómólú àti Bàríga ti fẹnu kora, ọ̀rọ̀ dọ́là kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan. Ọ̀rọ̀ pépà ni. Àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, rìsíìtì àti páálí tí wọ́n ń kó ọjà sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde kárí ìlú Èkó. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni pépà ti ń wá, òun àti yíǹkì àti pélétì. Ẹ̀rọ Kọ́ọ̀dù tó ń ké láti àárọ̀ dalẹ́ pàápàá, tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Jámánì ni. Ìdí nìyí tí atẹ̀wé tí kò fọwọ́ kan dọ́là rí láyé rẹ̀ fi lè sọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ láàárọ̀ òní kó tó sọ iye tí òun máa gbà lórí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn ènìyàn níbẹ̀, àti níbi gbogbo ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2023. Ọjọ́ náà ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn kò ní í máa dá iye lé náírà mọ́, pé kí olùtà àti olùrà dọ́là máa dúnàádúrà láàárín ara wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ní báńkì ti kọjá 600. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Látàrí èyí, àwọn ènìyàn ń wí pé: ìjọba ló tú náírà sílẹ̀, òun ni náírà ṣe ṣubú. Kí wọ́n tún un so, kí wọ́n ní dọ́là kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ, ara á sì tu gbogbo mẹ̀kúnnù.

Ìrora tó bí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń pè é fún ni ó dá àìsàn náà sílẹ̀. Náírà ti ṣubú tipẹ́ kí wọ́n tó tú u. Ohun tí wọ́n tú lọ́jọ́ náà ni aṣọ tí wọ́n fi bo ọgbẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ẹni tí aṣọ yẹn ń ṣe láǹfààní nígbà tó wà níbẹ̀, kó tẹ̀lé rímù pépà kan láti òkèèrè dé Fọlá Àgòrò.

Ká tó tẹ̀lé e, ó yẹ kó yé wa ohun tó ń jẹ́ kí owó ilẹ̀ kan fò tàbí kó wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Ọjà ni owó, bí gaàrí ti jẹ́ ọjà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pépà ní òkèèrè kì í gba náírà, nítorí náírà kò wúlò fún un nílùú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kó pépà wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi náírà ra dọ́là lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Ta ni ó ní in? Ẹni tó ta nǹkan fún òkèèrè, tàbí ẹni tí ará ilé rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí láti ìdálẹ̀, tàbí àjèjì tó kó owó wá láti dá òwò sílẹ̀. Bí àwọn tó ń wá dọ́là bá pọ̀ ju dọ́là tó wọlé lọ, àwọn tó ń wá a yóò máa fi náírà lé náírà títí olùtà yóò fi gbà. Bí náírà ṣe ń wálẹ̀ nìyẹn. Kò sí àjẹ́ nínú rẹ̀.

Ohun kejì ni pé kí náírà fúnra rẹ̀ pọ̀ jù. Bí Báńkì Àpapọ̀ bá ń dá owó tuntun sílẹ̀ fún ìjọba láti ná, tí ọjà tó wà nílùú kò sì pọ̀ sí i, owó tuntun yẹn yóò lépa ìwọ̀nba gaàrí kan náà, ìwọ̀nba sìmẹ́ńtì kan náà àti ìwọ̀nba dọ́là kan náà. Ohun kẹta ni ẹ̀rù. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti gbà pé náírà ọ̀la kò ní í tó náírà òní, ẹni tí kò ní í ra ohunkóhun lókèèrè pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ra dọ́là pamọ́. Ìbẹ̀rù yẹn nìkan tó láti sọ àsọtẹ́lẹ̀ náà di òótọ́.

Ọ̀nà méjì ni orílẹ̀-èdè lè gbà bá ọ̀rọ̀ yìí lò. Èkíní ni kí wọ́n jẹ́ kí owó náà léfòó bí igbá lójú omi: bí omi bá kún, yóò lọ sókè, bí omi bá fà, yóò wálẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n so ó mọ́ èèkàn bí ẹran, kí wọ́n sì wí pé ibi tí okùn bá dé ló gbọ́dọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni pé ìjọba tó so owó mọ́ èèkàn láàánú, èyí tó jẹ́ kó léfòó kò láàánú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó so ẹran mọ́ èèkàn ló gbọ́dọ̀ ri èèkàn náà mọ́lẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ tó bá kéde pé 460 náírà ni dọ́là kan, ohun tó ń wí ni pé: ẹnikẹ́ni tó bá gbé 460 náírà wá, màá fún un ní dọ́là kan. Bí dọ́là bá wà nínú àpò rẹ̀ láti mú ìlérí náà ṣẹ, èèkàn wọlẹ̀. Bí kò bá sí, orí ìwé lásán ni iye náà wà.

Nàìjíríà kò ní dọ́là tó lè ri èèkàn yẹn mọ́lẹ̀, nítorí orí ohun kan ṣoṣo ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Epo rọ̀bì àti gáàsì ló ń mú èyí tó pọ̀ jù lọ wọlé nínú owó tí ọjà Nàìjíríà ń pa lókèèrè. Nígbà tí epo rọ̀bì ju 100 dọ́là lọ fún àgbá kan, títí di àárín ọdún 2014, èèkàn náà dúró. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní ọdún 2016, àgbá kan ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 30 dọ́là. Ilé tó ń gba owó oṣù mẹ́ta ń gba ti oṣù kan báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dín ìnáwó kù nínú ilé. Dípò kí Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó so ó mọ́ nǹkan bí 197 náírà láti oṣù kejì ọdún 2015. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó wí pé àwọn tó ń kó oríṣi ọjà 41 wọlé kò gbọdọ̀ ra dọ́là ní báńkì mọ́. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Pé olùṣọ́ èèkàn ti ń lé àwọn oníbàárà sẹ́yìn, kí wọ́n má baà bi í léèrè dọ́là tí kò ní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, dọ́là wà ní nǹkan bí 305 náírà lórí ìwé ìjọba, ó sì ti dé nǹkan bí 500 lọ́wọ́ àwọn abókí tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá títì.

Ibí yìí ni rímù pépà ti wọ̀ ọ́. Ká padà sí oṣù karùn-ún ọdún 2023, oṣù kan kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀. Dọ́là jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní báńkì, ó sì jẹ́ nǹkan bí 750 lọ́dọ̀ àwọn abókí. Ká ní rímù pépà kan jẹ́ dọ́là mẹ́wàá lókèèrè, ká sì fi owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ẹnubodè sílẹ̀ ná. Ẹni tó rí dọ́là rà ní báńkì yóò san 4,600 náírà lórí rímù náà. Ẹni tí kò rí i rà níbẹ̀, tó lọ sọ́dọ̀ abókí, yóò san 7,500. Èló wá ni wọ́n ń ta rímù náà fún atẹ̀wé ní Ṣómólú? Ẹni tó san 7,500 kò lè tà á ní ìsàlẹ̀ 7,500. Ẹni tó san 4,600 kò sì ní ìdí kankan láti tà á ní ìsàlẹ̀ iye tí ẹnì kejì rẹ̀ ń tà á. Nítorí náà, 7,500 ni àwọn méjèèjì ń gbà. Ẹ̀dínwó 2,900 náírà tí ìjọba fi sórí rímù kọ̀ọ̀kan, àpò ẹni tó mọ ọ̀nà ní báńkì ló dúró sí. Kò dé Fọlá Àgòrò rí.

Ẹni náà tilẹ̀ lè má kó pépà kankan wọlé. Bí ó bá ti fi ìwé lásán gba mílíọ̀nù kan dọ́là ní 460, tó sì yí ẹ̀yìn padà tà á fún abókí ní 750, ó ti jèrè 290 mílíọ̀nù náírà láìta, láìrà, láìgbé ẹrù kan. Èèkàn náírà nìyẹn. Àgbàdo inú ìgò ni fún àwọn adìyẹ Ṣómólú: wọ́n ń wò ó nínú ìròyìn, ẹnu wọn kò tó o. Àwọn tó ń pè é ní ìrànwọ́ fún mẹ̀kúnnù gbọ́dọ̀ sọ orúkọ mẹ̀kúnnù kan tó wọ báńkì lọ́dún 2022, tó ní òun fẹ́ ra dọ́là láti fi kó yíǹkì wọlé, tí wọ́n sì kà á fún un lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Lábẹ́ ìjọba ológun Sani Abacha, wọ́n so náírà mọ́ 22 fún dọ́là kan lọ́dún 1994. Nígbà tó di ọdún 1995, wọ́n dá ọjà mìíràn sílẹ̀ tí dọ́là ti ń lọ ní nǹkan bí 80 náírà, ṣùgbọ́n wọn kò pa ti 22 rẹ́. Títí di ìparí ọdún 1998 ni ìjọba àti àwọn ẹni ìjọba fi ń ra dọ́là ní 22, tí oníṣòwò sì ń rà á ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Àwọn tó jẹ ọ̀rá yẹn kò gbé ní Bàríga.

Àwọn kan yóò dáhùn pé: ẹ wo Kútọnu. Owó sẹ́fà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná ti wà lórí èèkàn kan náà láti ọdún 1999: yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe fún wọn, kí ló dé tí kò ṣeé ṣe fún Nàìjíríà? Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ṣe kedere. Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọba ilẹ̀ Faransé ló dúró lẹ́yìn èèkàn yẹn, òun ló ṣèlérí pé bí owó òkèèrè bá tán, òun yóò pèsè rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò lè pàṣẹ fún báńkì kankan pé kó dá sẹ́fà tuntun sílẹ̀ fún òun láti ná. Báńkì kan ṣoṣo tó wà ní Dakar ló ń ṣàkóso owó fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, ó sì ń wo ojú yúrò kó tó ṣe ohunkóhun. Okùn tó so ẹran so olówó ẹran pẹ̀lú. Lẹ́ẹ̀kẹta, èèkàn náà ti hú rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, ní Dakar, wọ́n kéde pé 50 sẹ́fà tó ń ra faranki Faransé kan tẹ́lẹ̀ yóò di 100. Òru ọjọ́ kan ni owó gbogbo ará Kútọnu àti Lomé fi di ìdajì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Faransé. Bí èèkàn bá hú, gbogbo ohun tí igbá ìbá ti fi ọdún púpọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ ni ẹran yóò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìbéèrè kan ṣì kù, òun ló sì gba òótọ́ jù. Bí 750 bá ni atẹ̀wé ti ń san tẹ́lẹ̀, kí ló wá sọ ọ́ di 1,500? Rímù tó jẹ́ 7,500 di 15,000, ìlọ́po méjì gbáko. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń gbèjà títú náírà sílẹ̀ fi ọwọ́ gbá èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a purọ́ nípa ohun tó fà á náà.

Ohun tó fà á jù lọ ni náírà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 wí pé owó tí báńkì náà lè yá ìjọba àpapọ̀ láti fi dí àlàfo ìnáwó kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó kọjá, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san án padà kí ọdún tó parí. Nígbà tí ìjọba Muhammadu Buhari ń kógbá wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbèsè náà ti ju 22 tírílíọ̀nù náírà lọ, tí àwọn aṣòfin sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́dún gbọọrọ. Náírà tuntun ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ìnáwó yẹn, kò sì sí dọ́là kan tó bá a wọlé. Owó tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lépa dọ́là tí kò pọ̀ sí i. Èèkàn ló fi ojú rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a.

Pẹ̀lú èyí, Báńkì Àpapọ̀ jẹ àwọn oníṣòwò àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní gbèsè dọ́là tó ti gba náírà wọn fún. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni ó tó kéde pé òun ti san èyí tó kù nínú bílíọ̀nù méje dọ́là tó jogún. Ọjà tí wọ́n tú sílẹ̀ nígbà tí olùtà tó tóbi jù lọ fúnra rẹ̀ jẹ gbèsè, báwo ni ẹ̀rù kò ṣe ní í ba àwọn tó ń rà? Ẹjọ́ tí ó tọ́ láti rò mọ́ ìjọba Bọ́lá Tinubu lẹ́sẹ̀ nìyí: kì í ṣe pé ó tú náírà sílẹ̀, bí kò ṣe pé ó tú u sílẹ̀ kó tó san gbèsè, kó tó kó dọ́là díẹ̀ sílẹ̀, àti nígbà tí náírà kún ìgboro. Igbá tí wọ́n bá jù sínú omi tó ń ru kò lè dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n san gbèsè, tí wọ́n sì gbé èlé sókè gan-an kí náírà lè wu ènìyàn láti fi pamọ́, igbá náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ti kọjá 1,600 nínú oṣù kejì ọdún 2024. Ní oṣù kẹrin ó padà sí nǹkan bí 1,200. Kí ọdún tó parí ó ti tún gun orí 1,500. Ó lọ, ó bọ̀. Iṣẹ́ igbá nìyẹn.

Èlé tó gun òkè yẹn ní ìrora tirẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé òdiwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, atẹ̀wé tó fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ ní báńkì. Títú owó sílẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn. Òtẹ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wo bí ara ṣe gbóná ni. Ẹni tó bá fọ́ òtẹ̀rọ̀ nítorí pé ó sọ pé ibà ń ṣe ọmọ, kò tíì wo ibà sàn.

Ìwòsàn wà níbòmíràn, ará Fọlá Àgòrò sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ onímọ̀ lọ. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ pépà mẹ́ta sílẹ̀ rí: ti Jẹ́bà, ti Òkù Ìbókù, àti ti Ìwópin ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Èkó. Pépà tí wọ́n bá ń ṣe ní Ìwópin kò ní í nílò dọ́là tó ti òkèèrè kó tó dé Ṣómólú. Ṣùgbọ́n nígbà tí pépà òkèèrè ń wọlé pẹ̀lú dọ́là tí wọ́n dá ẹ̀dínwó lé, ta ni yóò fi owó rẹ̀ sí pépà ilé? Èèkàn èké yẹn kò kàn sọ àwọn kan di olówó òjijì; ó tún ń fi ẹ̀dínwó ran ọjà òkèèrè lọ́wọ́ láti pa ti ilé.

Nítorí náà, nígbà tí olóṣèlú kan bá tún dé ní àsìkò ìbò tó ń bọ̀, tó wí pé òun yóò so náírà mọ́ iye kan tó dùn-ún gbọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kí wọ́n bi í ní Fọlá Àgòrò. Dọ́là mélòó ló wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbèsè kúrò? Ṣé ìjọba rẹ̀ yóò pa òfin mọ́, tí kò ní í ní kí Báńkì Àpapọ̀ dá náírà sílẹ̀ fún un? Atẹ̀wé tó bá gbé náírà wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ṣé yóò rí dọ́là gbà ní iye tí ó kéde?

Bí kò bá lè dáhùn, kí wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín iye báńkì àti iye abókí lọ́jọ́ náà. Bí àlàfo náà bá jẹ́ náírà díẹ̀, owó ń sọ òótọ́. Bí ó bá ti ń gbòòrò, tí báńkì bá tún ti ń ka irú ọjà tí kò gbọdọ̀ rí dọ́là rà, ẹnì kan ti wà níbì kan tó ń jẹ ẹ̀dínwó, atẹ̀wé ló sì ń san án. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èèkàn tí kò wọlẹ̀ kò dá ẹran dúró. Ẹni tó fi ọkàn tán an ló máa ń wá ẹran rẹ̀ tì.